Síńgù-móòdù: kí gan-an là ń kà níbẹ̀?

Atúmọ̀ èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni fún àwọn tó ń fi okùn fáíbà kúkúrú so ẹ̀rọ pọ̀. Irú okùn náà méjì ni: mo pe síńgù-móòdù ní “okùn ẹlẹ́yọ-kan”, mo pe mọ́tì-móòdù ní “okùn ẹlẹ́yọ-púpọ̀”. Ṣé ó tọ̀nà?

Olùkọ́ èdè: Ó dùn létí, ó sì bá ohun tí ojú rí mu. Mo ti rí okùn náà rí: òmíràn dá wà, òmíràn jẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ bí ìbejì. Ẹyọ kan àti ẹyọ púpọ̀ náà nìyẹn.

Onímọ̀ okùn: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kó jáde bẹ́ẹ̀. Ìbejì tí ẹ rí yẹn, ọ̀kan ń ránṣẹ́, èkejì ń gbà á ni. Síńgù-móòdù ń jẹ́ ìbejì, mọ́tì-móòdù náà ń jẹ́ ìbejì. Ohun tí orúkọ yẹn ń kà ni iye ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà nínú fọ́nrán gíláàsì kan ṣoṣo. Tí a bá wọn fọ́nrán méjèèjì láti ẹ̀yìn, máíkírónì 125 náà ni. Inú wọn ló yàtọ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú síńgù-móòdù kò ju nǹkan bíi máíkírónì 9 lọ, ti mọ́tì-móòdù tó wọ́pọ̀ báyìí jẹ́ 50. Nínú 9 yẹn, ọ̀nà kan ló kù fún ìmọ́lẹ̀. Nínú 50, apá kan ń lọ tààrà, apá kan ń gbá ara mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọn kì í sì í débẹ̀ pọ̀. Bí okùn bá ṣe ń gùn sí i ni iṣẹ́ tí a rán án ń dà rú. Ìdí nìyẹn tí OM3, irú mọ́tì-móòdù kan, fi ń dúró ní mítà 300 tí a bá fi rán gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí síńgù-móòdù sì ń lọ tó kìlómítà 10 láìṣòro.

Olùkọ́ èdè: Mo gbà. Ṣùgbọ́n orí okùn ńkọ́? Mo gbọ́ pé LC ni ti síńgù, SC ni ti mọ́tì.

Onímọ̀ okùn: Rárá sà. Àwọn méjèèjì ló ní méjèèjì. Igi funfun tó yọ lẹ́nu SC nípọn ní mílímítà 2.5, ti LC jẹ́ ìdajì rẹ̀. SC, ẹ tì í wọlé, ẹ fà á jáde. LC ní ahọ́n kékeré tí ẹ máa tẹ̀. Orí LC ti mọ́tì yóò wọ ihò ti síńgù láìjanpata, ibẹ̀ ni ewu wà.

Wọ́n pè mí síbi kan tí ẹ̀rọ méjì kò ti gbọ́ ara wọn. Síńgù-móòdù ni gbogbo ọ̀nà àárín wọn, àfi okùn mọ́tì-móòdù mítà méjì aláwọ̀ omi òkun tí ẹnì kan fi sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń gba ìmọ́lẹ̀ ní `-4 dBm`, ó dára. Èkejì ń gbà á ní `-16 dBm`, ìmọ́lẹ̀ tó kéré jọjọ sí ti àkọ́kọ́, bí mo bá sì fọwọ́ kan okùn náà, iye yẹn á máa lọ sókè sódò. Láti inú 9 bọ́ sínú 50, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tó dà nù. Láti inú 50 padà sínú 9, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kún inú rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ráyè wọlé. Mo fi okùn síńgù-móòdù aláwọ̀ ìyeyè pààrọ̀ rẹ̀, ó tán. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ka okùn, ó rí i pé ó pé méjì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí “ẹlẹ́yọ” yóò ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé kan: Tèmi náà ò gbọ́ ara wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yí ẹnu LC méjèèjì padà, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣé ìṣòro kan náà nìyẹn?

Onímọ̀ okùn: Ó tì o. Ẹnu ìfiránṣẹ́ lẹ kì bọ ẹnu ìfiránṣẹ́. Kò kan irú okùn.

Atúmọ̀ èdè: Ẹ ṣeun púpọ̀. “Okùn ọlọ́nà-kan” ńkọ́?

Olùkọ́ èdè: Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn níbẹ̀. Oní àti ọnà ló ń bí ọlọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń gbẹ́ igi, tó ń fín igbá. Oní àti ọ̀nà á bí ọlọ́ọ̀nà. Okùn ọlọ́ọ̀nà-kan, okùn ọlọ́ọ̀nà-púpọ̀, kí ẹ fi ọ́ àti ọ̀ méjèèjì hàn.

Onímọ̀ okùn: Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ara ń fu mí sí “púpọ̀”. Ẹni tó ń rajà á rò pé ọlọ́ọ̀nà-púpọ̀ ló máa gbé ẹrù jù, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀nà yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lọ jìnnà. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí kò ní í dún bí ọrọ̀.

Atúmọ̀ èdè: Ọlọ́ọ̀nà-kan ti wọ ìwé. Mo ṣì fi “mọ́tì-móòdù” sílẹ̀ bó ṣe wà ná. Ta ló ní òmíràn?