Kí ni ká pe àpilẹ̀kọ tí ilé-iṣẹ́ sanwó rẹ̀?

Oníbúlọ́ọ̀gì, Ogbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kájú ni búlọ́ọ̀gì mi dá lé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kájú fẹ́ sanwó kí n kọ̀wé nípa àwọn. Ṣé ó bá a mu kí n kọ "Onígbọ̀wọ́" sórí rẹ̀?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò, Ọ̀yọ́: Ó bá a mu dáadáa. Ojoojúmọ́ là ń dárúkọ onígbọ̀wọ́ ètò lórí afẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́.

Olóòtú, Ọ̀yọ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre ní ti rédíò. Onígbọ̀wọ́ sanwó kí ètò lè wáyé, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ. Àbúrò, bi ilé-iṣẹ́ náà bóyá wọ́n fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn kó tó jáde, tí wọ́n sì lè ní kí o yọ ohun tí kò wù wọ́n. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpolówó ni. Kọ ÌPOLÓWÓ gàdàgbà sókè, má fi sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé.

Iye owó kílò kan tí o máa ń gbé jáde lásìkò kájú ló ń kọ mí lóminú jù. Lọ́jọ́ tí oníbàárà mìíràn bá ń ra kájú ju iye tiwọn lọ, ṣé wàá ṣì kọ ọ́? Àgbẹ̀ tó ń ka búlọ́ọ̀gì rẹ kò ní mọ̀ pé o dákẹ́. Yóò kàn tà á lọ́pọ̀ ni.

Tí o bá fi ìlujá tí òǹkàwé lè tẹ̀ dé ojú-òpó wọn sínú rẹ̀, sàmì sí i báyìí:

```
<a href="https://example.com" rel="sponsored">ojú-òpó wọn</a>
```

Láti 2019 ni Google ti gbé àmì yẹn jáde. Tó bá rí ìlujá tí wọ́n sanwó fún tí kò lámì, ó lè rẹ ojú-òpó rẹ sílẹ̀ nínú àbájáde ìwákiri.

Òǹtajà ìwé, Ogbómọ̀ṣọ́: Èmi ti kúrò nídìí AdSense, ètò ìpolówó Google, owó wọn kì í jáde àfi tó bá pé 100 dọ́là. Ìwé orí ẹ̀rọ ni mò ń tà báyìí. Ṣé ìpolówó lẹ ó pe tèmi náà?

Olóòtú: Rárá, ọjà ara yín nìyẹn. Òǹkàwé ló ń sanwó fún yín.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀yọ́: Ìpolówó kò tó. Èyí tí AdSense ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ìwé, Google ló yàn án, olówó rẹ̀ lè má mọ̀ yín rí. Ti kájú yìí, ọwọ́ oníbúlọ́ọ̀gì ló kọ ọ́. Mo dábàá "àkọgbowó".

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀: Ó jọ rìbá létí mi, Olùkọ́. Ta ni yóò gbà kí wọ́n fi pe tòun?

Olùkọ́: Ẹni tí kò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́.

Oníbúlọ́ọ̀gì: Mo ti bi wọ́n. Wọ́n fẹ́ kà á kó tó jáde, wọn kò sì fẹ́ kí n máa gbé iye tí àwọn mìíràn ń rà á jáde mọ́. Mo ní kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò nínú àdéhùn, mo ń retí èsì wọn. "Ìpolówó" ni màá kọ sórí rẹ̀ títí ẹ ó fi fẹnu kò.