Orúkọ wo la ó fún ohun tí bọ́ọ̀lù ń ṣe nígbà tó bá balẹ̀?

Olùkọ́ kan, Akúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, lórí ìlànà méjìlá tí àwọn ayàwòrán kàtúùnù ń tẹ̀ lé. Àwòrán róbótó tó ń ta nílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù la ó fi bẹ̀rẹ̀, ní igun ìwé tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò ṣí wàràwàrà. Méjì nínú àwọn orúkọ náà ló dá mi dúró. "Sikuáṣì àti sitirẹ́ṣì", mo pè é ní "ìfúnpọ̀ àti ìnà". "Sìló-ìn àti sìló-áòtù", mo pè é ní "ìrọra-bẹ̀rẹ̀ àti ìrọra-parí". Ṣé wọ́n bójú mu?

Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òndó:
Wọ́n bójú mu dáadáa, ọmọ mi. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ilẹ̀ fún un pọ̀, ó tún nà padà. Ìkejì náà dára: ohun tó bá fẹ́ gbéra á kọ́kọ́ rọra, èyí tó bá fẹ́ dúró á rọra pẹ̀lú. Kọ ọ́ sí ara bọ́ọ̀dù, kí o máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Òndó:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ lórí kàtúùnù fúnra rẹ̀ ná! Ọ̀rọ̀ àyálò ni. Kí ló ṣe tí a kò pè é ní "àwòrán alárìnká"?

Olùkọ́, Akúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ti mọ kàtúùnù kí n tó dé kíláàsì. Ibi tí wọn kò mọ̀ ni kí ẹ bá mi gbé.

Ayàwòrán kàtúùnù kan, Akúrẹ́:
Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ "ìfúnpọ̀". A máa ń fún aṣọ, a máa ń fún ọsàn, nǹkan sì máa ń jáde lára ohun tí a bá fún. Ọmọ tó bá gbọ́ "ìfúnpọ̀" á ya bọ́ọ̀lù tó kéré sí i nígbà tó bá kanlẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn tí mo ń kọ́: bí ẹ bá ṣí ìwé náà, bọ́ọ̀lù á dà bí èyí tí atẹ́gùn ń jò lára rẹ̀, tí ẹnìkan sì tún sáré fẹ́ atẹ́gùn sí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó ń ta mọ́.

Ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dín. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ 2, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, 4 ni. Nígbà tó bá kanlẹ̀, tí ẹ bá tẹ gíga rẹ̀ wálẹ̀ sí 1.6, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di 2.5, kí ó ṣì jẹ́ 4. Nígbà tó bá ń já bọ̀ tí eré rẹ̀ ti le, ẹ yí i padà: gíga 2.5, ìbú 1.6. Àwòrán kan ṣoṣo, èyí tó kan ilẹ̀ gan-an, ni bọ́ọ̀lù ti ń fẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ilẹ̀, ṣe ni bọ́ọ̀lù náà á dà bí ẹni tó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ń bọ̀. Lókè pátápátá, róbótó ni kí ó wà.

Nítorí náà, èmi á pè é ní "ìtẹ̀fẹ̀ àti ìnàtẹ́ẹ́rẹ́". A tẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀. A nà án, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Orúkọ náà á máa rán ọmọ létí ìbú àti gíga.

Ìyá aránṣọ kan, Akúrẹ́:
Ẹ ṣeun. Èmi ò mọ kàtúùnù, àmọ́ mo mọ rọ́bà tí à ń rán sí ìbàdí yẹ̀rì. Bí mo bá nà á ju bó ṣe yẹ lọ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí mo bá sì rán á sí á wúnjọ. "Nínà" nìkan kò sọ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń fẹ̀? Èyí tí ọmọ mi fi ń ṣeré le bí òkúta.

Ayàwòrán, Akúrẹ́:
Èyí tó le bí òkúta kì í fẹ̀, Mà. Bí ọmọ bá ya òkúta tó ń fẹ̀, rọ́bà ló yà yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni olùkọ́ ti lè fi àwòrán róbótó kan náà hàn wọ́n pé ohun méjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí orúkọ kejì, torí òun ló máa ba iṣẹ́ jẹ́ jù. "Ìrọra-bẹ̀rẹ̀ àti ìrọra-parí" á mú kí ọmọ rò pé bọ́ọ̀lù ń rọra nígbà tó bá fẹ́ dé ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìsubú parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè nìkan ló ti ń rọra. Bó bá ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni eré rẹ̀ ń le sí i.

Ẹ mú rúlà. Ká ní àwòrán 12 la fẹ́ kí ojú rí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù fi ìdajì rẹ̀ já bọ́. Ẹ ya àkọ́kọ́ sí òkè. Èyí tó tẹ̀ lé e á fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sọ̀ kalẹ̀, ti ẹ̀yìn rẹ̀ 1.5, lẹ́yìn náà 2.5, 3.5, 4.5, títí dé 5.5 tó kan ilẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Nígbà tó bá ń padà sókè, eré rẹ̀ ti dín, nítorí náà 3.5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá sọ̀ ọ́ sí 2.5, 1.5 àti ìdajì. Kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ.

Bí ìwé ọmọ kan bá dé ọwọ́ yín tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń balẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, ẹ wọn àlàfo tó kẹ́yìn kó tó kan ilẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun ló fẹ̀ jù, a ti rí ibi tó ti bàjẹ́.

Bàbá olùkọ́, Òndó:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tó gbé ọwọ́ sókè láti kí èèyàn ń rọra bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rọra parí. Ilẹ̀ ló dá bọ́ọ̀lù dúró tipátipá. Ṣé nítorí bọ́ọ̀lù la ó ṣe sọ orúkọ gbogbogbòò nù?

Ayàwòrán, Akúrẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ nípa ọwọ́, Bàbá. Àmọ́ bọ́ọ̀lù ni ọmọ á kọ́kọ́ yà. "Ìrọra-dé àti ìrọra-kúrò" ni mo rò, torí ọmọ á bi ara rẹ̀ pé dé ibo? Á dáhùn pé òkè. Kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè ni àwọn orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá. Àwọn ayàwòrán ilé-iṣẹ́ kàtúùnù Disney ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939, kí méjì nínú wọn, Frank Thomas àti Ollie Johnston, tó kó méjèèjìlá jọ sínú ìwé ní 1981.

Olùkọ́, Akúrẹ́:
Igun ìwé àwọn ọmọ mi kò lè gba sẹ̀ǹtímítà 18. Ṣé kí n pín gbogbo rẹ̀ sí méjì?

Ayàwòrán, Akúrẹ́:
Rárá o. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á kéré ju ohun tí pẹ́ńsù ọmọ lè yà lọ. Ẹ gé ìsubú náà kúrú dípò rẹ̀: ìdajì, 1.5, 2.5, 3.5. Sẹ̀ǹtímítà 8 péré. Bọ́ọ̀lù tó já láti ibi tó rẹlẹ̀ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà kéré, bíi sẹ̀ǹtímítà 1.

Olùkọ́, Akúrẹ́:
Mo dúpẹ́. "Ìtẹ̀fẹ̀ àti ìnàtẹ́ẹ́rẹ́" ni mo máa kọ sára bọ́ọ̀dù. Ti ìkejì, mi ò ní kọ orúkọ kankan títí wọ́n á fi yà á tán, kí n lè gbọ́ ohun tí wọn á pè é fúnra wọn.

Bàbá olùkọ́, Òndó:
Ti ìtẹ̀fẹ̀, mo gbà. Ti ìrọra-kúrò yìí, mi ò tíì gbà.