Ìṣẹ́jú mélòó ni ọ̀rọ̀ 1,500 yóò gbà lẹ́nu mi?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé wa fẹ́ ṣe ìpàdé ọdún, èmi ni wọ́n sì yàn láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 12, tí n kò gbọ́dọ̀ fi kọjá bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,500 gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe kà á. Ìkíni ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣàlàyé kànga-dẹ̀rọ tí a gbẹ́ fún ilé-ìwé náà, owó tó bá a lọ àti bí sólà ṣe ń fa omi rẹ̀. Ìdárò olùkọ́ wa kan tó di olóògbé ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan nípa ìgbà tí a wà ní kíláàsì, kí n tó dúpẹ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ṣáájú bóyá yóò wọ inú àkókò tí wọ́n fún mi?

Olùkọ́ Ìṣirò:
Ẹ má ṣe da ara yín láàmú, mà. Ọ̀rọ̀ 150 ni ènìyàn máa ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà, tí ẹ bá fi 150 pín 1,500, ìṣẹ́jú 10 ni yóò fún yín. Ibi ìdárò yóò falẹ̀ díẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kì í yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibi ẹ̀rín yóò yára, ọ̀kan yóò sì dí èkejì.

Ògbufọ̀ Ìjọ:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Nínú ìjọ wa, èmi ni mo ń túmọ̀ ìwàásù, gbólóhùn kan lẹ́nu oníwàásù, gbólóhùn kan lẹ́nu tèmi. Ìwàásù tí ó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú a máa tó ogójì, nígbà mìíràn a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀. Tí ògbufọ̀ bá máa wà níbi ìpàdé yín, ìlàjì ohun tí ẹ kọ ni kí ẹ mú lọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ẹ ṣé, sà. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀. Yorùbá nìkan ni gbogbo wa yóò sọ.

Bàbá Oníròyìn:
Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìròyìn lórí rédíò kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Iye tí Olùkọ́ mú wá kò burú fún Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Nígbà tí Kẹ́nẹ́dì gba ipò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1961, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ní 1,300, ó sì gbà á tó ìṣẹ́jú 14, nítorí pé ìta gbangba ló ti sọ ọ́, ó sì ń dúró kí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀. Ìyẹn kò tó 100 ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ti Yorùbá, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà. “Ó ti ń lọ sí ilé” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà lójú rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ ní “ó ti ń lọ sílé”, ó di márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹnu kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀. Iye owó tún le ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ₦1,450,000 jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹnu yín yóò pè é ní “mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lé nírínwó náírà”, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ìdí rèé tí àlàyé kànga fi máa ń gùn ju bí ó ṣe rí lórí ìwé. Lẹ́yìn iye owó kọ̀ọ̀kan, ẹ tún gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí etí lè gbà á. Tí ẹ bá sáré kọjá, ẹ ó rí i pé àwọn ènìyàn ń bi ẹni tó jókòó tì wọ́n léèrè.

Ìdárò kì í falẹ̀ látòkè délẹ̀. Tí ẹ bá ki oríkì olóògbé náà, ahọ́n yóò yára ju ti ìkíni lọ. Ibi tí ẹ bá ti padà sórí ọ̀rọ̀ lásán ni ohùn máa ń há, tí ẹ ó sì ní láti mí kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ní ti ẹ̀rín, Olùkọ́ gba ìdajì rẹ̀. Lóòótọ́, ìtàn máa ń yára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ ó dákẹ́ díẹ̀ ṣáájú gbólóhùn tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ ó sì tún dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ̀rín yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, torí pé ohun tí ẹ bá sọ láàárín ẹ̀rín kò ní wọ etí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá ka ìtàn náà nínú yàrá, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín, aago yóò sì tàn yín jẹ.

Ẹ dìde dúró, ẹ ka apá kọ̀ọ̀kan sókè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ àbọ̀ rẹ̀ síbí.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Mo ti ṣe é, Bàbá. Ìkíni jẹ́ ọ̀rọ̀ 250, ìdúpẹ́ 100, àwọn méjèèjì sì ń lọ ní 150 ní ìṣẹ́jú kan. Àlàyé kànga jẹ́ 500, ó ń lọ ní 125. Ìdárò jẹ́ 350, oríkì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ 100 péré ni mo rí kà ní ìṣẹ́jú kan. Ìtàn jẹ́ 300, ó ń lọ ní 150, mo sì retí ẹ̀rín níbi mẹ́rin.

Bàbá Oníròyìn:
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìkíni àti ìdúpẹ́ gba ìṣẹ́jú méjì àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Kànga gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìdárò mẹ́ta àbọ̀. Ìtàn gba méjì. Ẹ fi ìdajì ìṣẹ́jú kún un fún ẹ̀rín, ó di méjì àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 12 lọ pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, a kò sì tíì ka àwọn tó máa dáhùn ìkíni yín, tàbí gbọ̀ngàn tí ohùn ń dún padà nínú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ẹ yára. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ 125 kúrò nínú àlàyé kànga, ìṣẹ́jú kan gbáko ni ẹ ó rí gbà padà. Ẹ tẹ iye owó wọ̀nyẹn sórí ìwé, kí ẹ pín in.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ẹ̀rín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ṣé kò ní dára jù kí a ka iye ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, níwọ̀n bí àyè inú ìwé kò ti ṣeé gbára lé?

Bàbá Oníròyìn:
Yóò péye jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó kà á? Tí ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà kọ̀wé kò bá yí padà, ọ̀rọ̀ tí ó kà fúnra rẹ̀ sókè ti tó o.

Ìyá Alága:
Ẹ má bínú sí mi o. Mo ti jẹ́ alága irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó kànga gan-an ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ gbọ́ látẹnu akọ̀wé. Tí ẹ bá fi bébà dípò rẹ̀, wọn yóò ní ẹ fi nǹkan pamọ́. Èmi yóò dín ìdárò kù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:
Ìyàwó olóògbé yóò jókòó níwájú, mà. Ọkàn mi kò gbà kí n gé e. Màá sọ àpapọ̀ owó náà lẹ́ẹ̀kan, kí n fi ìyókù sórí ìwé.

Bàbá Oníròyìn:
Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ “4:40” sí etí ìwé yín níbi tí àlàyé kànga parí sí. Tí aago bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fo ibi ẹ̀rín kejì àti ìkẹta nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ti ìkẹyìn sílẹ̀. Kí ẹ sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ẹ ó fò nílé, torí pé kò sí àyè láti wá a lórí pèpéle.