Àgbà àti ọ̀dọ́ nínú ilé aró kan: báwo lẹ ṣe ń darí wọn?

Aláṣọ Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ẹ bá mi dá sí i. Àwọn ìyá tó ń po aró ti lé ní 60 ọdún, aago 6:30 àárọ̀ ni wọ́n ń dé. Àwọn ọmọ tó ń fi àbẹ́là ya aṣọ kì í dé kó tó di 9, torí oníbàárà ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù dòru. Inú gúrúùpù ni wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, àwọn ìyá kì í sì í wo ibẹ̀. Bí ọmọ bá sọ pé aró ò dáa, ìjà dé. Kí lẹ ń ṣe níbi tiyín?

Búrẹ́dì Láfẹ́ńwá: Ẹni tó bá pẹ́, ẹ yọ 500 náírà. Ilé búrẹ́dì wa ò ní wàhálà pípẹ́ mọ́.

Ọmọ Aláàbẹ́là: Ẹ̀gbọ́n, iye yáàdì tí èèyàn ṣe ni wọ́n fi ń sanwó nílé aró. Kí lẹ fẹ́ yọ nínú ẹ̀?

Ìyá Aláró: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, aró ló ń pe èèyàn láàárọ̀. Bí kọ́sítíìkì àti àídírọ́ọ̀sù, àwọn kẹ́míkà tí a fi ń po aró, bá ti bọ́ sínú omi, afẹ́fẹ́ ti ń jẹ agbára àídírọ́ọ̀sù nìyẹn. Bíbò á dín in kù, kò ní dá a dúró. Aró búlúù tó ṣì lágbára, omi rẹ̀ á dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n. Aṣọ tí ẹ bá yọ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di búlúù. Bí omi fúnra rẹ̀ bá ti di búlúù, agbára rẹ̀ ti lọ. Bí ìyá bá po aró ní aago 7, tí aṣọ ọmọ dé ní 10, àwọ̀ á kàn jókòó sójú aṣọ ni, á sì ṣí nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ọmọ á ní ìyá ò mọ aró pò, ìyá á ní ọmọ ò mọṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Kí ọmọ wá ní 9, ṣùgbọ́n kí aṣọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Adé Kútọ̀: Kí wọ́n sì rẹ gbogbo rẹ̀ sómi mọ́jú, aró á tètè wọ̀ ọ́.

Ìyá Aláró: Aṣọ oníko tí wọ́n fi okùn dì, ó ṣeé ṣe. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya o! Ẹ̀kọ á rọ̀, á ṣí kúrò lára aṣọ.

Adé Kútọ̀: Ó dáa, mo gbà. Ti gúrúùpù ńkọ́? Ẹ kọ́ àwọn ìyá ní Wásáàpù, ó parí.

Aláró Kejì: Kò parí. Ọwọ́ wọn wà nínú ìbọ̀wọ́, kọ́sítíìkì wà lára ìbọ̀wọ́. Ta ni yóò fi ìyẹn tẹ fóònù? Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ máa tẹ̀ lé aṣọ. Ká ní wọ́n ní ká ṣe 15 yáàdì, búlúù tó dúdú, kó jáde ní Friday. Ọmọ á gé èkìrí aṣọ tó ní àwọ̀ náà gan-an, á so ó mọ́ ìdì pẹ̀lú okùn oníkókó mẹ́ta, kókó kan fún yáàdì 5. Okùn pupa ni ti Friday. Lẹ́yìn náà, kó lọ bá ìyá, kó sọ ọ́ lẹ́nu, kí ìyá sì tún un sọ padà fún un. Bí ohun tí ìyá sọ bá yàtọ̀, ẹ ti rí àṣìṣe kí aṣọ tó kan aró. Kí gúrúùpù wà fún owó àti oníbàárà.

Aláṣọ Ìtòkú: Èyí yé mi. Ìbáwí ló kù.

Ìyá Aláró: Má sọ fún àgbà pé "aró yín ò dáa" lójú èèyàn. Gbé aṣọ lọ bá a: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló mú un ṣí níbí?" Òun fúnra rẹ̀ á dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Aláàbẹ́là: Ìyá, ó dáa fún àgbà. Àwa ńkọ́? Wọ́n á dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á wá pòwe, a ò sì ní mọ ohun tó bàjẹ́. Bí àbẹ́là ò bá gbóná tó, kì í wọ aṣọ dé ẹ̀yìn, aró á sì gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ká yí aṣọ padà, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wọ aró.

Adé Kútọ̀: Ẹ sá gbogbo aṣọ sórí okùn nírọ̀lẹ́, kí kálukú sọ ohun tó rí. Kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ sọ.

Ìyá Aláró: Ọmọ kékeré kẹ̀? Rárá o.

Aláró Kejì: Mo fara mọ́ Adé. Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọ wo ló máa sọ ohun mìíràn?

Ìyá Aláró: Kó sọ ọ́ fún olórí iṣẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Búrẹ́dì Láfẹ́ńwá: Aró tó bá wá kú ńkọ́, ta ló ń san án?

Aláró Kejì: Olórí iṣẹ́ ni. Òun ló jẹ́ kí wọ́n po aró nígbà tí aṣọ ò tíì sí nílẹ̀.

Ọmọ Aláàbẹ́là: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn sọ kí ọ̀gá wa rí i.