Ọfà ẹlẹ́kítírọ́nù tí a fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé: máàkì mélòó ni kí n fún un?

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́místírì, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kò ríran, nítorí náà ó ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ dípò kó yà á. Mo ní kó ṣàlàyé bí HBr ṣe ń dara pọ̀ mọ́ CH₃CH=CH₂. Máàkì 4 ni: ọfà mẹ́ta, ọ̀kan fún kábọ́kátáyọ́ọ̀nù.

Ó kọ ọ́ pé: "Ọfà bẹ̀rẹ̀ lára H, ó lọ sí ìdè onílọ̀ọ́po méjì. Ìdè H–Br já, Br kó ẹlẹ́kítírọ́nù méjèèjì. Kábọ́ọ̀nù àárín wá ní +. Br⁻ kọ lù ú."

Ọfà àkọ́kọ́ dorí kodò; H yẹn kò ní ẹlẹ́kítírọ́nù tó máa fún ẹnikẹ́ni. Mo yọ máàkì yẹn. Mo fún un ní ìkejì, torí ó sọ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́nù ti kúrò àti ibi tó dé, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ọfà. Ibi tó fi + sí náà tọ̀nà.

"Kọ lù ú" ló kó mi sí ṣìbáṣìbo. Kò sọ pé lára ẹlẹ́kítírọ́nù méjì orí Br⁻ ni ọfà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yà á kò lè fi ìdí ọfà pamọ́ báyẹn.

Mo fún un ní 2. Ṣé ẹ̀yin á fún un ní 3? Àbí kí n sọ ọ́ di dandan pé "láti" àti "sí" gbọ́dọ̀ wà nínú ọfà kọ̀ọ̀kan?