Hóró Fálíọ̀mù mẹ́ta tí kò tán lára bàbá mi: ẹ sọ ìrírí tiyín

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni ọdún 67 ni bàbá mi. Jẹdọ̀jẹdọ̀ B ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, ó ti le gbagidi, omi sì máa ń kún inú wọn. Ní oṣù tó kọjá, wọn ò rí oorun sùn lóru mọ́, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Mo lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n fún mi ní Fálíọ̀mù mílígíráàmù 5. Màmá mi ti lo ẹyọ kan rí, aago mẹ́fà ìdájí wọ́n ti ń gbálẹ̀. Bàbá lò ó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, a tún fún wọn lálẹ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, bí a bá jí wọn, wọ́n á lajú, wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí, wọ́n á sì sùn padà. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Orí ló yọ wọ́n. Kí ló dé tí oògùn kan náà ṣe màmá báyẹn, tó wá ṣe bàbá báyìí?

Káyọ̀dé
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Kíndìnrín ló ń fọ oògùn kúrò lára. Ẹ jẹ́ kí bàbá máa mu omi dáadáa, gbogbo ẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde.

Apòògùn Abẹ́òkúta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni tí omi ń kún inú rẹ̀ ní omi àmujù. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rá ni Fálíọ̀mù fẹ́ràn, kì í bá ìtọ̀ lọ bó ṣe wà. Ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e. Ohun tí ẹ̀dọ̀ gé jáde lára rẹ̀ sì ń kunni lóorun bákan náà, ó tún ń pẹ́ lára ju Fálíọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀dọ̀ bá yá, nǹkan bí ọjọ́ méjì ni Fálíọ̀mù fi ń dín sí ìdajì. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le bíi ti bàbá, ó lè tó wákàtí 100, ìyẹn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé hóró ọjọ́ Ajé mì, èyí tó pọ̀ jù nínú ti Àìkú ṣì wà lára. Nígbà tí ti Ìṣẹ́gun wọlé, ó ti lé ní hóró méjì àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ gbé wọn, bíi hóró méjì ló ṣì kù, mi ò tíì ka ohun tí ẹ̀dọ̀ gé mọ́ ọn.

Màmá Tóbi
Ti ọkọ mi nìyẹn gẹ́lẹ́! Ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún wọn ní gabapẹ́ntìn nítorí ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé nídìí oúnjẹ, tí ọwọ́ wọn ń já pàtì. Dókítà ní kí wọ́n máa lo díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán nìkan. Ṣé kí bàbá Àdùkẹ́ náà wá lo gabapẹ́ntìn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń dùn wọ́n?

Apòògùn Abẹ́òkúta
Ẹ̀dọ̀ kì í fọwọ́ kan gabapẹ́ntìn lóòótọ́, kíndìnrín nìkan ló ń kó o dànù. Ìdí nìyẹn tó fi há sára ọkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó bá ti le báyìí sábà máa ń fa kíndìnrín mọ́ra, nítorí náà mi ò ní gbà á láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí dókítà bá rí i pé oògùn oorun pọn dandan, lorasẹpáàmù kékeré ni wọ́n sábà máa ń yàn dípò Fálíọ̀mù. Ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ṣì lè dì í mọ́lẹ̀ kí ìtọ̀ gbé e lọ, ohun tó bá sì di kì í kunni mọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Oorun tó yí padà yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Kí ẹlẹ́dọ̀ máa sùn lọ́sàn-án kó sì lajú lóru, àmì ni nígbà mìíràn pé ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ kò fọ̀ mọ́ ti ń dé ọpọlọ. Oògùn oorun tó bá bá a níbẹ̀, lorasẹpáàmù pàápàá, á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ni. Àdùkẹ́, ẹ ní kí bàbá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni ń dá mọ́tò dúró. Bí ọwọ́ bá ń já wálẹ̀ tó tún ń gbéra, ẹ má dúró. Ọjọ́ mélòó ni wọn ò ti yàgbẹ́ kí ẹ tó ra Fálíọ̀mù?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn
Ọjọ́ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó bi mí ní kẹ́míìsì, èmi náà ò sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ fún wọn. Omi dídùn kan tí wọ́n ń pè ní laktulósì ni ọsibítù fún wa, wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oorun òru ti ń padà díẹ̀díẹ̀, láìlo hóró kankan. Lánàá wọ́n tún lajú di aago mẹ́ta òru. Mo ní kí wọ́n na ọwọ́, kò já. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọpọlọ ni àbí ooru tó mú lóru àná ni. Ọjọ́ Ajé la máa padà lọ rí dókítà.