Ìparí ọ̀rọ̀: tábìlì wa àti èsì SPSS ti bára mu

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tábìlì inú ìwé wa ní odds ratio 0.40 (0.25 sí 0.64) fún nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. SPSS tèmi ní 2.50 (1.56 sí 4.00). Èwo ni ká gbà?»

Ẹ̀gbọ́n onísírò wa tí mo bi ní ìbéèrè yìí pè mí láti Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, ọkàn mi sì balẹ̀. Wọ́n ní kí n fi 0.40 pín 1. 2.50 ló jáde. Mo fi 0.25 àti 0.64 náà pín in, mo rí 4.00 àti 1.56. Èsì kan náà ni, ìfiwéra ló dojú kọ ibòmíràn.

R ni wọ́n fi ṣe tábìlì, ó sì ń fi àwọn tó kọ́kọ́ wà nínú ìtò, `No`, ṣe ìpìlẹ̀. SPSS mú èyí tó kẹ́yìn, `Yes`. Ó wà kedere lábẹ́ `Categorical Variables Codings`, ibi tí mo máa ń fò kọjá. Mo yí `Reference Category` sí `First`, mo tẹ `Change` (bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní yí padà), 0.40 sì jáde.

Àbúrò wa tó sọ pé àkọsílẹ̀ tí kò pé ló fa ìyàtọ̀ náà rí nǹkan kan: orí tábìlì kọ ọmọ 412, 398 la ṣírò. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló sọ 0.40 di 2.50. A ò tíì fẹnu kò lórí àwọn 14 yẹn.